Ìlà òdo kì í ṣe ààlà àárín ìṣẹ̀dá àti ènìyàn

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń máàkì ìwé jọ́gíráfì, kò sì sí ọdún tí ìdáhùn yìí lórí gíráàfù ooru ayé kì í yọjú: "Ọ̀pá tó wà lábẹ́ òdo, ìṣẹ̀dá ló fà á. Èyí tó wà lókè òdo, ènìyàn ló fà á." Àwọ̀ búlúù àti pupa inú gíráàfù ló ń tàn wọ́n. Pé ayé ń gbóná, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ìyẹn. Òdo yìí ló ń bí mi nínú.

Òdo náà kì í ṣe ibi tí omi ti ń di yìnyín. Ìpíndọ́gba ooru ọgbọ̀n ọdún kan ni, àwọn tó ya gíráàfù ló sì yan ọgbọ̀n ọdún náà. Wọ́n á yọ ìpíndọ́gba yìí kúrò nínú ooru ọdún kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n ń yà. Ẹ mú ọdún 2024. Àjọ Copernicus ti ilẹ̀ Yúróòpù ní ìpíndọ́gba ooru ayé lọ́dún náà jẹ́ dígírì 15.10. Tí a bá fi wé ọdún 1991 sí 2020, ó fi 0.72 lé. Tí a bá fi wé ọdún 1850 sí 1900, ó fi 1.60 lé. Ọdún kan náà ni, ooru kan náà ni. Òdo ló ṣí nídìí.

Ní báyìí, ẹ fi ọdún 1991 sí 2020 ṣe òdo, kí ẹ wá wo ọdún 1985. Abẹ́ òdo ló bọ́ sí. Ṣé kò sí mọ́tò lọ́dún 1985 ni? Ṣé èédú ò tíì máa jó?

Ìrísí ìlà ni kí ẹ wò. Ooru já wálẹ̀ lọ́dún 1992, nítorí pé òkè oníná Pinatubo ní Filipínì bú gbàmù ní oṣù kẹfà ọdún 1991, èéfín imí-ọjọ́ rẹ̀ sì dí oòrùn lọ́nà lókè réré. Láàárín ọdún bíi mélòó kan, ó ti lọ. Ọdún 1998 ta sókè, Ẹl Nínyò, ìyẹn ìgbà tí omi òkun Pàsífíìkì máa ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ló fà á. Ìṣẹ̀dá nìwọ̀nyí, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, wọn kì í sì í pẹ́. Èyí tó ń gòkè láti nǹkan bí ọdún 1970 tí kò padà sẹ́yìn ni ti ènìyàn, ní pàtàkì.

Mo ní "ní pàtàkì" nítorí pé gíráàfù nìkan ò lè jẹ́rìí ohun tó fà á. Ẹ̀rí mìíràn ló gbé e ró: bí ìsàlẹ̀ òfuurufú ṣe ń gbóná, òkè rẹ̀ ń tutù. Ká ní oòrùn ló ń mú sí i, méjèèjì ni ì bá gbóná. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ ìyẹn, màá fún un ní máàkì. Ẹni tó bá tún fi òdo pín ẹ̀bi, kó má retí nǹkan kan. Ọdún tí wọ́n fi ṣe òdo sì máa ń wà nínú àkọlé tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tó dúró lóòró, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́.