Kí Ẹ Tó Ki Káàdì Yẹn Bọ̀ Ọ́ Lẹ́ẹ̀kejì

Lọ́sẹ̀ yìí nìkan, ẹni mẹ́ta ló pè mí, ohùn kan náà ni gbogbo wọn sì fi sọ̀rọ̀: "Ọ̀gá, ẹ̀rọ yín ti jẹ owó oníbàárà mi." Ẹ̀rọ kì í jẹ owó. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bójú tó ẹ̀rọ ìsanwó fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù, mo sì ti tú u palẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè dì í padà nínú òkùnkùn. Kò síbi tí owó lè sá pamọ́ sí nínú rẹ̀. Mi ò ní í kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń tẹ iye owó, ẹ ti mọ ìyẹn. Owó tó kúrò lọ́dọ̀ oníbàárà tí kò dé ọ̀dọ̀ yín ni mo bá wá.

Bí oníbàárà bá ti tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ tán, ńṣe ni ẹ̀rọ yín ń ránṣẹ́. Iṣẹ́ náà á gba ọ̀dọ̀ báńkì tiyín kọjá, á gba ojúkò tí àwọn báńkì ti ń pàdé, kó tó dé báńkì oníbàárà. Báńkì yẹn á wo àkáǹtì rẹ̀, á yọ owó sọ́tọ̀, á wá dáhùn. Ọ̀nà tí iṣẹ́ gbà lọ ni èsì máa gbà bọ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já nígbà tí èsì ń bọ̀, owó ti kúrò lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ yín ò sì gbọ́ nǹkan kan. Á dúró díẹ̀, á sú u, á ní kò lọ.

Ibi tó kù sí lọ̀pọ̀ yín kò mọ̀. Ẹ̀rọ náà á tún ṣètò iṣẹ́ mìíràn pé kí wọ́n dá owó tí òun béèrè lẹ́ẹ̀kan padà. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá tíì dé, inú ẹ̀rọ ni iṣẹ́ yẹn máa wà. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gba owó mìíràn ló tó máa jáde. Ẹni tó bá wá fi ìbínú pa ẹ̀rọ, tó sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀ di ọjọ́ kejì, òun gan-an ló so owó oníbàárà mọ́lẹ̀. Àwọn kan á máa fi ṣòkòtò nu káàdì, wọ́n á máa fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i. Ẹnì kan tilẹ̀ sọ fún mi pé ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ rajà láàárọ̀ ni kò dáa. Ọwọ́ wo? Ẹ ka nọ́ńbà orí risíìtì!

00 ni owó tó wọlé. 51 ni pé owó kò tó, 55 ni pé nọ́ńbà àṣírí kò bára mu. Báńkì rẹ̀ ti kọ̀ ọ́ nìyẹn. 91 ni pé a kò rí báńkì rẹ̀ bá sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kó lo káàdì báńkì mìíràn. Àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù oníbàárà kì í ṣe ẹ̀rí yín. Ohun tó ń sọ ni pé owó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sọ pé ó dé ọ̀dọ̀ yín.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé risíìtì 00 yín lọ́jọ́ kan jẹ́ 86,500, àmọ́ 71,775 ló wọ àkáǹtì. Ẹ má tíì pariwo olè. Báńkì ní wákàtí tó ń pa ìwé ọjọ́ dé. Ọjà 14,000 tí ẹ tà lẹ́yìn rẹ̀ ti bọ́ sí ọjọ́ kejì, bí ìsinmi bá sì wà láàárín, ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ku 72,500. Bí àdéhùn yín bá jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, 725 ni owó iṣẹ́ wọn. Ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ìyá kan ló ń dùn mí. Oníbàárà ra ọjà 18,000, ẹ̀rọ kò gbọ́ èsì. Wọ́n tún káàdì kì, bákan náà. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló fi 00 hàn. Fóònù oníbàárà ti dún lẹ́ẹ̀mẹta, ló bá figbe ta. Ojú ti Ìyá, wọ́n ka 36,000 fún un láti inú dúrọ́ọ̀. Lọ́jọ́ kejì, báńkì dá 36,000 kan náà padà sí àkáǹtì oníbàárà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì tẹ ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́.

Mo ní kí Ìyá fún mi ní RRN, nọ́ńbà méjìlá orí risíìtì tí báńkì fi ń wá ìsanwó kan ṣoṣo láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bá a bá ní in, a ó fi hàn pé owó ti padà sọ́dọ̀ ẹni náà, a ó sì ní ohun tí a lè fi bi í. Ooru ló ń tẹ̀wé sórí bébà yẹn, ooru àti ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló sì ń pa á rẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo pé kí ẹ dà á kọ sínú ìwé lójú ẹsẹ̀. Ìyá ní àwọn tọ́jú risíìtì náà dáadáa, wọ́n fi há ojú fèrèsé. Wọ́n mú un wá. Ó funfun báláú.