Òdo mélòó ló wà nídìí 100!?

Ní ilé lẹ́sìn kan lágbègbè Òkè-Fìà, l'Óṣogbo, tíṣà kọ 100! sójú pátákó, ó ní kí àwọn ọmọ sọ iye òdo tó tò sídìí ẹ̀. Àmì tó wà lẹ́yìn 100 yẹn ni wọ́n ń pè ní fakitóríà. Ohun tó ń sọ ni pé ká mú 1 lọ́nà 2 lọ́nà 3, ká máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí dé 100. Ohun tó máa jáde gùn tó díjíìtì 158, kò sì sẹ́ni tó máa jókòó kọ ọ́ tán nítorí òdo ìdí ẹ̀.

"Mọ́kànlá ni, sà," ọmọkùnrin kan dáhùn. Ó ti ka 10, 20, 30 títí dé 90, ó gba òdo kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ wọn, ó wá gba méjì lọ́wọ́ 100. Kò burú, àmọ́ ó gbàgbé pé 5 lọ́nà 2 jẹ́ 10, bẹ́ẹ̀ kò sí òdo kankan nídìí 5, kò sì sí nídìí 2. Òdo lè ti ibi tí a ò fojú sí wá.

Gbogbo òdo tó bá wà nídìí nọ́ńbà, 2 kan àti 5 kan ló bí i. Èkùrọ́ lalábàákú ẹ̀wà: ọ̀kan ò lè dá a ṣe láìsí èkejì. Bí a bá tú gbogbo nọ́ńbà láti 1 dé 100 sí wẹ́wẹ́, 2 tó máa jáde lára wọn jẹ́ 97, torí pé nọ́ńbà méjì-méjì ni 2 ń wọ ọ̀kan. 5 kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rárá. Nígbà tí 5 bá tán, 2 tó ṣẹ́ kù á kàn jókòó láìní ẹnìkejì ni. Nítorí náà, ẹni tó bá ti ka 5 ti ka òdo.

"Ogún ni nígbà yẹn," ọmọbìnrin kan wí. Ó ti pín 100 sí 5. Nọ́ńbà tí 5 wọ̀ láti 1 dé 100 jẹ́ 20 lóòótọ́, ibí yìí sì lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń gbé bírò sílẹ̀. Orúkọ Yorùbá pàápàá ń tan èèyàn níbí: ẹẹ́dógún àti ẹẹ́dọ́gbọ̀n jọra, àrún ló dín nínú àwọn méjèèjì, àmọ́ ẹrù wọn ò dọ́gba. 15 jẹ́ 3 lọ́nà 5, ọ̀kan ṣoṣo ló gbé wá. 25 jẹ́ 5 lọ́nà 5, méjì ló gbé wá. Ẹ tú 75 wò náà: 3 lọ́nà 5 lọ́nà 5. Nígbà tí a ka 20, ẹyọ kan péré la kà lọ́wọ́ 25, 50, 75 àti 100, kálukú wọn ṣì ní ọ̀kan nípamọ́. Mẹ́rin yẹn la fi máa kún 20, ó di 24. Òdo 24 ló wà nídìí 100!.

Fún nọ́ńbà tó tóbi jù bẹ́ẹ̀, kò sí ìdí láti máa wá èyí tó fi nǹkan pamọ́. Ká pín in sí 5, ká da àṣẹ́kù nù, ká tún pín èsì náà sí 5, títí tí èsì fi máa kéré sí 5, ká wá ro gbogbo èsì pọ̀. Fún 1000!, ìpín àkọ́kọ́ jẹ́ 200. 200 sí 5 jẹ́ 40, 40 sí 5 jẹ́ 8, 8 sí 5 jẹ́ 1, 3 tó ṣẹ́ kù kò já mọ́ nǹkan. 200 àti 40 àti 8 àti 1 jẹ́ 249.

Nǹkan tó dùn mọ́ èmi jù níbẹ̀ ni pé iye òdo máa ń fò. Nídìí 24!, òdo mẹ́rin ló wà. Tí a bá mú un lọ́nà 25 báyìí, 5 méjì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, òdo di mẹ́fà. Kò sí fakitóríà kankan láyé tí òdo ìdí ẹ̀ jẹ́ márùn-ún gééré.

Ẹni tó bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Bí ẹ bá tẹ `=FACT(25)` sínú Excel, tí ẹ ní kó kọ nọ́ńbà náà tán pátápátá, ohun tó máa gbé jáde ni 15511210043331000000000000. Òdo méjìlá! Díjíìtì 15 àkọ́kọ́ nìkan ló ń fi hàn, ó sún èyí tó kẹ́yìn sókè tí 09 fi di 10, òdo ló wá fi ń dí àyè tó kù. Bó ṣe rí gan-an nìyí: 15511210043330985984000000. Ẹ ka òdo ìdí ẹ̀, mẹ́fà ni.