Kẹ́ẹ̀gì ojúlówó, ọ́ìlì ayédèrú

Ohun tó mú kí ayédèrú ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ṣòro mọ̀ lórí àtẹ ni pé kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n rọ ọ́ sí sábà máa ń jẹ́ ojúlówó. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú á ra kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí àwọn mẹkáníìkì ti lò tán, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á wá rọ ọ́ìlì àlòkù tí wọ́n ti sẹ́ sínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń wo àwòrán ara kẹ́ẹ̀gì nìkan kò lè rí nǹkan kan. Ìdérí ló yẹ kó kọ́kọ́ wò.

Òrùka ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nísàlẹ̀ ìdérí, ike wẹ́wẹ́ ló so wọ́n pọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a bá ṣí i ni àwọn ike yìí máa ń já. Bí wọ́n bá ti já kí a tó rà á, tàbí tí gọ́ọ̀mù gbẹ sí etí òrùka náà, ẹnì kan ti débẹ̀ ṣáájú. Ọ̀pọ̀ kẹ́ẹ̀gì (kì í ṣe gbogbo wọn) tún ní bébà dídán lábẹ́ ìdérí, èyí tí ẹ̀rọ fi ooru lẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀. Ojúlówó máa ń lẹ̀ yíká láìsí ibi tó hunjọ, bí a bá sì ń ṣí i, ó máa ń ya tàbí kó fi àmì sílẹ̀ létí ẹnu kẹ́ẹ̀gì. Èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ máa ń ká kúrò lódindi.

Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ fún àwọn tí wọ́n ṣe pọ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ká ní páálí kan ní kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin. Bí nọ́ńbà wọn bá bára mu, tó sì bá ti ara páálí mu, bó ṣe yẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ara ọ̀kan bá fi oṣù mẹ́jọ ju ti èkejì lọ, tí wọ́n sì ti ha nọ́ńbà ẹ̀kẹta, a jẹ́ pé ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ṣa àwọn kẹ́ẹ̀gì náà.

Ọ̀rọ̀ owó ò le. Èyí tó bá fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín sí iye tí àwọn ọlọ́jà yòókù ń tà á, ó yẹ ká fura sí i. Àmọ́ àwọn tó gbọ́n nínú àwọn tó ń ṣe ayédèrú kì í dín owó púpọ̀, torí náà owó tó pé kì í ṣe ẹ̀rí.

Ti òórùn ńkọ́? Òórùn ọ́ìlì tuntun kì í sábà le. Bó bá ń rùn bí ohun tó jóná, tàbí bíi bẹntiróòlù, kí wọ́n má dà á sínú ẹ́ńjìnì. Ibi tí imú ò lè dé ni ọ́ìlì tó mọ́, tí kò lóòórùn, ṣùgbọ́n tí wọn ò fi àwọn èròjà tó ń dáàbò bo irin sí. Ilé àyẹ̀wò nìkan ló lè mọ ìyẹn.

Ẹni tó bá ti lo ọ́ìlì tirẹ̀ tán lè fi ìṣó gún ìdí kẹ́ẹ̀gì kó tó sọ ọ́ nù. Wọn ò ní lè rọ nǹkan kan sínú ìyẹn mọ́.