Nígbà tí Orúkọ Bá Sún Kúrò Níwájú Owó

Àpapọ̀ owó ìsàlẹ̀ ìwé ìṣirò lè pé géérégé, síbẹ̀ kí owó Lágbájá wà níwájú orúkọ Tàmẹ̀dò. Mo máa ń rí i nínú ìwé àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó ti gbé ìṣirò wọn sórí Google Sheets, kí akọ̀wé tó ń gbé ní Ìkẹ́rẹ́ àti akápò tó ń tajà ní Adó lè jọ máa kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta péré ṣe àpẹẹrẹ. Yétúndé ti fi ₦45,000 pamọ́, Àjàyí ₦12,000, Fọlákẹ́ ₦80,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦137,000. Lọ́jọ́ Ajé, akọ̀wé fẹ́ to orúkọ ní A, B, D. Òpó orúkọ nìkan ló mú, ó tẹ Data, ó tẹ Sort range. Àjàyí bọ́ sókè, Fọlákẹ́ tẹ̀ lé e, Yétúndé kẹ́yìn. Owó ò kúrò lójú kan. Bí Àjàyí ṣe di olówó ₦45,000 nìyẹn, tí Fọlákẹ́ di oní ₦12,000, tí ₦80,000 sì bọ́ sọ́dọ̀ Yétúndé. Àpapọ̀ ṣì ń pe ₦137,000, kò sẹ́ni tó fura.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Fọlákẹ́ san ₦5,000. Akápò wá orúkọ rẹ̀ kàn, ó sọ 12,000 di 17,000. Ìgbà tí Fọlákẹ́ béèrè iye tó wà lọ́wọ́ òun ni ariwo sọ: "Ẹ̀yin Ìyá Akápò, ṣé gbogbo ohun tí mo ti ń kó jọ láti èṣí nìyí?"

Ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ ṣí ìwé náà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ File, lẹ́yìn náà Version history, kí ẹ wá tẹ Name current version. Ẹ sọ ọ́ ní "Orúkọ ti sún", kí ẹ lè tètè rí i padà. Lẹ́yìn èyí, ẹ padà sí Version history, ẹ tẹ See version history. Lápá ọ̀tún ni ẹ ó ti rí ọjọ́, aago àti orúkọ ẹni tó ṣe àtúnṣe, àwọ̀ tirẹ̀ a sì máa fi ibi tó fọwọ́ kàn hàn. Ẹ máa tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn títí ẹ ó fi débi tí Fọlákẹ́ tún ti wà níwájú ₦80,000.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọn a ṣe ẹ̀dà òpó orúkọ àtijọ́, wọn a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé tòní. Ṣùgbọ́n ₦5,000 Fọlákẹ́ ti wọ ìlà tó jẹ́ ti Àjàyí. Bí orúkọ bá padà sáyè rẹ̀, Àjàyí á ní ₦17,000, owó tí kò san. Nítorí náà, Restore this version ló yẹ níbí. Kì í pa ẹ̀dà tó bàjẹ́ rẹ́. Ó ṣì wà nínú ìtàn ìwé náà, ibẹ̀ sì ni ẹ ó ti ka gbogbo owó tó wọlé lẹ́yìn ọjọ́ Ajé. Ẹ wá tún un kọ síwájú ẹni tó san án gan-an: Fọlákẹ́ di ₦85,000, àpapọ̀ di ₦142,000.

Tó bá ṣe pé ẹnì kan kàn pa òpó kan rẹ́, tí àwọn yòókù sì ń kọ tiwọn dáadáa lọ, ẹ má lo Restore, torí gbogbo iṣẹ́ wọn ló máa bá a kúrò lójú ìwé. Ẹ tẹ àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dà àtijọ́, ẹ mú Make a copy, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà òpó yẹn nìkan láti inú rẹ̀.

Gbogbo èyí kò wúlò tó bí orúkọ ò bá sí nínú ìtàn náà. Bí ẹ bá ju líǹkì sórí WhatsApp, tí ẹ fi í sí Anyone with the link, tí ẹ tún sọ gbogbo ayé di Editor, ẹni tó wọlé láìlo ímeèlì rẹ̀ kò ní lórúkọ níbẹ̀. Mo fara mọ́ Restricted, kí ẹ fi ímeèlì pe akọ̀wé àti akápò gẹ́gẹ́ bí Editor, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó kù jẹ́ Viewer. Viewer kò lè wo ìtàn ìwé náà, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má bàa rò pé ẹ ń fi nǹkan pamọ́.

Ẹ wá ti òpó orúkọ pa láti Data, níbi Protect sheets and ranges, kí ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo máa dé ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ to ìwé bó ṣe wù ú kó lo Create filter view, níbi Data kan náà. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀ kò ní yí ti ẹlòmíì padà.