Ẹ̀gbọ́n mọ géèmù, àbúrò kò mọ̀ ọ́n: ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀

Ìyá kan kó ọmọ rẹ̀ méjì wá sí yàrá géèmù tí mò ń bójú tó. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 15, àbúrò jẹ́ ọmọ ọdún 9. Wọn kì í jà lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ di páàdì mú. Bí géèmù yóò ṣe le tó ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ èyí tó le, àbúrò fẹ́ èyí tó rọ̀. Ìyá wọn ti gbìyànjú kí wọ́n máa pín ọjọ́: lónìí kó le, lọ́la kó rọ̀. "Ẹ wò ó," ó ní, "ọjọ́ kan èyí á sunkún, ọjọ́ kejì ìyẹn á bínú. Ó ti sú mi."

Mo bi wọ́n pé géèmù wo ni wọ́n jọ ń ta. Wọ́n ní Cuphead. Ẹ̀rín pa mí, nítorí bí èèyàn bá ń wá géèmù tí yóò dá ìjà sílẹ̀ láàárín ògbóǹkangí àti akọ́bẹ̀rẹ̀, òun gan-an ni. Géèmù tó dára púpọ̀ ni o, àmọ́ kì í ṣe fún irú àwọn méjì yìí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Kí ẹ tó kojú ọ̀gá ọ̀tá nínú Cuphead, ẹ ó yan Simple, tó rọ̀, tàbí Regular, tó le, ohun tí ẹ bá sì yàn ti ẹ̀yin méjèèjì ni. Bí ẹ bá fi Simple ṣẹ́gun ọ̀tá, ẹ kò ní rí ìwé àdéhùn ẹ̀mí rẹ̀ gbà, bẹ́ẹ̀ láìsí àwọn ìwé yẹn, ọ̀nà tó lọ sí òpin eré kò ní ṣí. Nítorí náà, kì í ṣe ìgbéraga ló ń ṣe ẹ̀gbọ́n tó kọ Simple. Òun mọ̀ pé iṣẹ́ àwọn á já sí asán.

Ohun kejì ni pé bí ẹni méjì bá jọ ń ta á, géèmù náà máa ń fi kún ẹ̀mí ọ̀gá ọ̀tá, kó má baà tètè kú. Ẹ rò ó wò: àbúrò wọlé, kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ọta, ọ̀tá sì ti lágbára ju bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ọmọ náà bá wá kú, iwin rẹ̀ á máa fò lọ sókè, ẹ̀gbọ́n á sì ní láti fò tẹ̀ lé e kó gbá a kó tó kúrò lójú ìran, kí ó lè jí i dìde. Gbogbo èyí láàárín òjò ọta. Iṣẹ́ ẹni méjì ló bọ́ sọ́rùn ẹnì kan, èkejì sì ń wo ara rẹ̀ bó ṣe ń kú.

Ìdí nìyí tí mi ò fi ń béèrè bóyá géèmù kan le tàbí ó rọ̀. Ohun tí mò ń béèrè ni pé, ta ló ni líle náà? Ṣé géèmù ló ni ín, tó fi jẹ́ pé ìwọ̀n kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo èèyàn, àbí ẹni kọ̀ọ̀kan ló mú tirẹ̀ lọ́wọ́? Bó bá jẹ́ ti ẹni kọ̀ọ̀kan, ìjà ti parí ká tó tan ẹ̀rọ.

Mo gbé Super Mario Bros. Wonder fún wọn, èyí tó jáde ní 2023. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń yan líle tàbí rírọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí o bá yàn láti jẹ́ ni yóò sọ bí nǹkan yóò ṣe le fún ọ. Bí o bá jẹ́ Mario tàbí Luigi, ọ̀tá lè pa ọ́. Bí o bá jẹ́ Yoshi tàbí Nabbit, ọ̀tá kò lè ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Àmọ́ bí o bá já sí kòtò tàbí iná, o kú bíi gbogbo èèyàn. Ohun tó dára níbẹ̀ nìyẹn: fífò ló kù tí ọmọ ní láti kọ́, gbogbo ìyókù ti fúyẹ́.

Yoshi ni mo fún àbúrò, kì í ṣe Nabbit. Yoshi lè gbé ẹlòmíràn sẹ́yìn. Bí ẹ̀gbọ́n bá gùn ún, àbúrò ló ń darí, òun ló ń fò, òun ló ń gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjá kòtò. Ọmọ tí wọ́n ń gbà là láti àárọ̀ di ẹni tó ń gbé èèyàn. Bẹ́ẹ̀ ni Yoshi kì í lo agbára tó ń sọ èèyàn di erin, nítorí náà kò sí ìjà lórí ẹni tó máa mú un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe sọ fún ọmọ pé "ti àwọn ọmọ kékeré nìyí." Mo sọ bẹ́ẹ̀ rí, ọmọ náà gbé páàdì sílẹ̀, kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Lórí àwòrán ìlú géèmù náà, ìràwọ̀ ló ń sọ bí ibì kọ̀ọ̀kan ṣe le tó, láti 1 dé 5. Mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìràwọ̀ jẹ́ 2. Kí ó má baà sú ẹ̀gbọ́n, mo fún un ní iṣẹ́ tirẹ̀: kó wá owó ńlá mẹ́ta aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n máa ń fi pamọ́ sí ibì kọ̀ọ̀kan.

Kò pẹ́ tí àbúrò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé òun ń di iwin láìsí ìdí. Mo wò ó: kámẹ́rà ni. Ẹni tó bá dé adé ni kámẹ́rà ń tẹ̀ lé, ẹni tó bá sì dì mọ́ òpó àsíá níbi tó ga jù ní ìparí ni adé ń bọ́ sí lórí. Ẹ̀gbọ́n ló ń gba adé lójoojúmọ́, ó ń sáré, ìran ń tẹ̀ lé e, àbúrò sì ń ṣẹ́kù sẹ́yìn, ó ń jáde kúrò lójú ìran, ó sì ń di iwin. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mọ̀ọ́mọ̀ di òpó mú nísàlẹ̀. Adé bọ́ sí orí àbúrò, kámẹ́rà dúró tì í, ìráhùn náà sì tán. Òbí tí kò bá mọ ti adé yìí á rò pé ọmọ ló jẹ́ ọ̀lẹ.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ máa ṣọ́. Bí ẹ̀gbọ́n bá jókòó sẹ́yìn Yoshi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ti sú u, kò kàn fẹ́ sọ ni. Ẹ gbé wọn lọ síbi tí ìràwọ̀ pọ̀ sí i. Bí àbúrò bá sì ti kọjá ibi mélòó kan láìjá sí kòtò, ó tó àkókò kó gbìyànjú Luigi.

Bó bá jẹ́ pé ìdíje ni wọ́n fẹ́, Mario Kart 8 Deluxe, géèmù tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ sáré, dára. Lóòótọ́, eré sísá ibẹ̀, 50cc tàbí 150cc, ti gbogbo èèyàn ni. Ṣùgbọ́n ẹni kọ̀ọ̀kan lè tẹ + níbi tó ti ń yan ọkọ̀ rẹ̀, kó tan Smart Steering, tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ já kúrò lójú ọ̀nà. Ẹni tó tan án kò ní lè gba àwọn ọ̀nà ẹ̀bùrú kan, nítorí náà ògbóǹkangí ṣì lè fi ọgbọ́n yọ sílẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn ló sì máa ń rí ohun ìjà tó lágbára jù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn méjèèjì padà wá. Àbúrò ti di Luigi. Ó já sí kòtò lẹ́ẹ̀mẹta níbi àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń fọwọ́ kàn án kí ìṣẹ́jú àáyá 5 tí iwin ní láti jí dìde tó pé. Ìyá wọn ní wọn kò jà lórí líle mọ́. Adé ni wọ́n ń jà lé báyìí.