Bí a ṣe ń kọ ímeèlì sí ọ̀gá láìṣe bí alágbe

Ìbéèrè: Akọ̀wé owó ni mí ní ilé-iṣẹ́ kan n'Ìbàdàn. Ẹnì kan tó fẹ́ràn mi sọ pé ímeèlì tí mo ń kọ sí ọ̀gá àgbà dà bíi ti ẹni tó ń tọrọ owó. Mi ò sì fẹ́ ṣàfojúdi. Kí ni kí n yọ, kí ni kí n fi sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ fi “ẹ” àti “yín” sílẹ̀, ẹ fi “sà” sílẹ̀ níbi ìkíni àti ìparí. Ọ̀wọ̀ ti pé síbẹ̀. Àforíjì tí kò ní ẹ̀ṣẹ̀ nínú ni kí ẹ yọ, pẹ̀lú “mo kàn ní kí n” àti “bóyá”. Ẹ wo èyí:

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ dákun, ẹ má bínú pé mo tún ń yọ yín lẹ́nu, sà. Mo kàn ní kí n rán yín létí ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ yẹn, bóyá ẹ lè bá wa wò ó nígbà tí àyè bá yọ, sà.”

Ọ̀gá kà á tán, kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí òun ṣe. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ìgbà tí àyè bá yọ, ó sì gbà yín gbọ́. Ó yẹ kó rí báyìí:

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo nílò ìbuwọ́lù yín fún àtúnṣe jẹnẹrétọ̀, ₦480,000, kí ó tó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, torí pé lọ́jọ́ Ẹtì ni mẹkáníìkì máa yí iye rẹ̀ padà. Ìwé iye owó méjì wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Èyí tó kéré ni mo dábàá. Ẹ ṣeun, sà.”

Ìdí tí ẹ sọ ló ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀bẹ̀ ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá yọ ìdí yẹn kúrò, tí ẹ kọ “ẹ buwọ́ lù ú kó tó di Ọjọ́bọ̀” nìkan, àṣẹ lẹ pa fún un nìyẹn, kò sì ní dùn mọ́ ọn.

“Ni mo dábàá” ló máa ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù jù, wọ́n á ní “èrò kékeré tèmi ni, bí mo bá ṣì, ẹ tọ́ mi sọ́nà.” Bí nǹkan kan bá rú yín lójú lóòótọ́, ẹ dárúkọ rẹ̀: “Mi ò tíì mọ iye ọjọ́ tí iṣẹ́ náà máa gbà, n ó béèrè lónìí.” Ìyẹn yàtọ̀ sí kí ẹ máa fojú kéré gbogbo ohun tí ẹ mọ̀.

Bí ẹ bá pẹ́ ní tòótọ́, ẹ tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀kan, kí iṣẹ́ sì tẹ̀ lé e: “Ẹ má bínú, sà, àná ló yẹ kí ìròyìn yìí dé. Òun nìyí.”

Àwọn ọ̀gá kan wà ṣá tí ímeèlì tí kò béèrè àlàáfíà ilé máa ń bí nínú. Ẹ béèrè rẹ̀ ní gbólóhùn kan, kí ẹ bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Bí Ọjọ́rú bá sì kọjá láìsí èsì, ẹ pè é lórí fóònù.