Pípààrọ̀ ọ̀rọ̀ àti títún ìhun àyọkà tò

Pípààrọ̀ ọ̀rọ̀ ni kí ènìyàn mú àyọkà tó ti wà nílẹ̀, kó máa yọ àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì máa fi òmíràn tó jọ wọ́n ní ìtumọ̀ rọ́pò wọn, láìfọwọ́ kan bí àwọn gbólóhùn náà ṣe tẹ̀ léra. Nínú títún ìhun tò, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà á kọ́kọ́ pinnu ohun tí ìpínrọ̀ náà fẹ́ sọ gan-an, lẹ́yìn náà ni yóò tún yan ohun tó yẹ kó ṣíwájú, ohun tó yẹ kó gbára lé òmíràn, àti ohun tí kò yẹ kó sí níbẹ̀ rárá. Àwọn méjèèjì ni wọ́n máa ń lò láti mú kí àyọkà tó le gbagidi, tàbí èyí tí ẹ̀rọ kọ, dà bí ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ènìyàn jáde. Èyí àkọ́kọ́ kì í sábà ṣe é, nítorí pé kì í ṣe inú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni líle yẹn wà.

## Ọ̀rọ̀ kì í dá rìn

Ọ̀rọ̀ méjì lè jọra nínú ìwé atúmọ̀ èdè kí wọ́n má sì lè gba ipò ara wọn nínú gbólóhùn. J. R. Firth, onímọ̀ ẹ̀dá èdè ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹnu mọ́ ọn nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó jáde ní 1957 pé àwọn ọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀ kan máa ń bá kẹ́gbẹ́ wà lára ohun tó ń fi ìtumọ̀ rẹ̀ hàn. Nínú èdè Yorùbá, a máa ń jẹ gbèsè, a ń pa irọ́, a sì ń dá iná. Bí ẹnì kan bá wo ìwé atúmọ̀ èdè, tó rí i pé «ṣe» súnmọ́ «dá», tó wá kọ ọ́ pé «wọ́n ṣe iná», gbogbo ẹni tó gbọ́ èdè ló máa mọ̀ pé nǹkan kan kò dọ́gba, bí kò tiẹ̀ lè sọ òfin tí wọ́n rú. Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ ṣe lè funfun báláú tí kò sì lè pupa báláú. Fòò ni pupa ń bá rìn.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń là sí méjì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú «ó ba ìwé náà jẹ́», «bà» àti «jẹ́» jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ìwé jókòó sáàárín. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lè rí apá kan kó má rí ìkejì, yóò sì fi ìdajì ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìní alábàáṣe.

Irú nǹkan báyìí ti di ẹ̀rí nínú ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní 2021, Guillaume Cabanac, Cyril Labbé àti Alexander Magazinov gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde nípa ohun tí wọ́n pè ní gbólóhùn tí wọ́n dá lóró. Wọ́n rí àwọn àpilẹ̀kọ nínú jọ́nà ìwádìí tí orúkọ tí gbogbo ayé mọ ti yí padà sí nǹkan àjèjì: jẹjẹrẹ ọmú di ohun tó túmọ̀ sí «ewu àyà», làákàyè àtọwọ́dá sì di «ìmọ̀lára ayédèrú». Kò sí onímọ̀ tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Àlàyé tí wọ́n fún un ni pé ó jọ pé ètò tó ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n lò, kí àwọn ohun èlò tó ń mú ìjí-ìwé-kọ má baà rí i. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi bo ìjí náà ló wá di àmì tí wọ́n fi ń dá a mọ̀.

## Egungun tí kò yí padà

Ká sọ pé ẹni tó ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ gbọ́ èdè dáadáa, tí kò sì sí àṣìṣe kankan nínú ohun tó yàn. Àyọkà náà ṣì lè le. Ẹ wo ìpínrọ̀ yìí:

> Bátìrì fóònù jẹ́ ohun èlò tó ṣe pàtàkì. Ooru máa ń ba bátìrì jẹ́. Ó ṣe pàtàkì láti yẹra fún ooru. Ó tún ṣe pàtàkì láti yẹra fún fífi fóònù sórí iná mọ́jú. Ní ìparí, ìtọ́jú tó péye máa ń jẹ́ kí bátìrì pẹ́.

Wọ́n wá pààrọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀:

> Bátìrì fóònù jẹ́ ohun èlò tó níye lórí. Ìgbóná máa ń ṣe bátìrì léṣe. Ó pọn dandan láti sá fún ìgbóná. Ó tún pọn dandan láti sá fún fífi fóònù sórí iná títí ilẹ̀ á fi mọ́. Lákòótán, àmójútó tó yẹ máa ń mú kí bátìrì lálòpẹ́.

Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí a lè sọ pé kì í ṣe Yorùbá. Síbẹ̀, gbólóhùn márùn-ún ṣì ni, ìkọ̀ọ̀kan wọn sì jókòó síbi tí ìkejì rẹ̀ jókòó sí tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì tí wọ́n sọ «ó ṣe pàtàkì» ti di ẹ̀ẹ̀mejì «ó pọn dandan». Gbólóhùn tó ṣíde kò sọ nǹkan tí ẹni tó ní fóònù kò mọ̀, èyí tó parí rẹ̀ náà kò sì fi ohunkóhun kún un. Èyí tó burú jù ni pé ooru àti gbígbé fóònù sórí iná mọ́jú dúró bí ìkìlọ̀ méjì tí kò mọ ara wọn rí. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan tí a lè pààrọ̀ tó máa mú wọn pàdé.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ nìkan ló yí padà ni kí a gbé àyọkà méjèèjì síra, kí a sì fi ìlà so gbólóhùn kọ̀ọ̀kan pọ̀ mọ́ ìkejì rẹ̀. Bí àwọn ìlà náà bá lọ tààrà láìkọjá lórí ara wọn, tí kò sí gbólóhùn kankan tí kò ní ẹnìkejì, egungun náà ṣì wà bó ṣe wà. Rebecca Moore Howard, tó kọ́ni ní ìmọ̀ ìwé kíkọ ní Amẹ́ríkà, fún irú ìkọ̀wé yìí ní orúkọ ní àwọn ọdún 1990. Ó wò ó bí aṣọ alábùlẹ̀, ó sì rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ohun tó kà kò tíì yé sábà máa ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àkíyèsí yìí ṣe kókó, nítorí pé a lè pààrọ̀ ọ̀rọ̀ láìlóye ohun tí àyọkà ń sọ, ṣùgbọ́n a kò lè tún ìhun rẹ̀ tò láìlóye rẹ̀.

## Bí a ṣe ń tún ìhun tò

Ìpínrọ̀ bátìrì yẹn kan náà nìyí lẹ́yìn tí wọ́n tún un tò:

> Ooru ló ń tètè ba bátìrì fóònù jẹ́. Bí fóònù bá wà lórí iná lábẹ́ ìrọ̀rí mọ́jú, ooru tó ń jáde lára rẹ̀ kò ní ríbi gbà, inú ooru yẹn ni bátìrì á sì wà títí ilẹ̀ á fi mọ́, bó tiẹ̀ ti kún tipẹ́. Orí tábìlì ló yẹ kó wà.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí olóòtú ṣe níbẹ̀ ni bíbi ara rẹ̀ léèrè pé: bí gbólóhùn kan péré bá máa ṣẹ́kù, èwo ni? Ooru ni. Ó gbé e síwájú, ó sì fi «ló» tẹnu mọ́ ọn, kí òǹkàwé lè mọ̀ pé nínú gbogbo ohun tó lè ba bátìrì jẹ́, èyí ni wọ́n fẹ́ sọ. «Ooru máa ń ba bátìrì jẹ́» àti «ooru ló ń tètè ba bátìrì jẹ́» fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọ̀rọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n ń dáhùn yàtọ̀. Vilém Mathesius, onímọ̀ èdè ní Prágù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kọ nípa ètò yìí: gbólóhùn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí òǹkàwé ti wà, á sì mú un lọ síbi tuntun. Ẹ wo bí «ooru tó ń jáde lára rẹ̀» ṣe padà mú ooru tí gbólóhùn àkọ́kọ́ fi sílẹ̀, kó tó tẹ̀ síwájú. Ìyẹn ló so wọ́n pọ̀. Kò sí «ní àfikún» tàbí «síwájú sí i» níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ó wá ìbáṣepọ̀ tó fara pamọ́. Gbígbé fóònù sórí iná mọ́jú kì í ṣe ìkìlọ̀ kejì mọ́, ó ti di ibi tí ooru ti ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ìdí ti hàn, «ó ṣe pàtàkì» kò níṣẹ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà jẹ́ àmì pé òǹkọ̀wé fẹ́ kí a gba ohun kan gbọ́, kò sì tíì sọ ìdí. Olóòtú tó bá rí i nínú àyọkà á wá ìdí náà lọ, yóò fi í síbẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn á sì kúrò fúnra rẹ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn ti àyọkà àtijọ́ lọ pátápátá.

Bí gbólóhùn ṣe gùn tó náà yí padà, kì í ṣe nítorí pé ẹnì kan fẹ́ kí wọ́n ṣe ségesège. Èyí tó ń ṣàlàyé gùn nítorí pé ohun tó ń sọ ṣẹlẹ̀ ní ìpele ìpele. Ìmọ̀ràn kúrú nítorí pé kò sí ohun tó kù láti sọ nípa rẹ̀. Ẹni tó bá kàn ń gé gbólóhùn kan kúrú, tó ń fa òmíràn gùn kí àyọkà lè dà bíi ti ènìyàn, ń ṣe pípààrọ̀ ọ̀rọ̀ lọ́nà mìíràn ni: ìrísí ló ń yí, ìrònú kò yí.

A tún rí i pé ìrọ̀rí àti tábìlì kò sí nínú àyọkà ìbẹ̀rẹ̀. Olóòtú ní láti mọ̀ pé fóònù máa ń gbóná nígbà tí iná bá ń wọ̀ ọ́, àti pé ohun tó bò ó ń dí ọ̀nà ooru. Ẹni tí kò mọ̀ yìí yóò ní láti béèrè tàbí kó lọ kà á. Ìdí nìyí tí títún ìhun tò fi máa ń gba àkókò ju pípààrọ̀ ọ̀rọ̀ lọ, tí àyọkà tó jáde níbẹ̀ sì máa ń kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí olóòtú bá wádìí tí kò rí ohun kankan tí ìpínrọ̀ náà ń sọ, yíyọ ọ́ kúrò ló kù.

## Ibi tó ti lè ṣini lọ́nà

Ìhun ń gbé ìtumọ̀, nítorí náà ẹni tó bá tún un tò lè yí ìtumọ̀ padà láìmọ̀. Bí àyọkà kan bá sọ pé «ara àwọn tó lo oògùn náà yá», tí olóòtú sì kọ ọ́ pé «oògùn náà ló mú ara wọn yá», gbólóhùn kejì já gaara ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó ti sọ ohun tí ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ kò sọ. Ara wọn lè yá fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bíi «nìkan», «lè» àti «sábà» náà wà lára ohun tó ń tètè bọ́ sílẹ̀ nígbà tí a bá ń so gbólóhùn méjì pọ̀ di ọ̀kan. Ohun tó dára ni kí olóòtú padà sí àyọkà ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, kó sì yẹ ohun kọ̀ọ̀kan tó sọ wò: ta ló ṣe é, kí ló fà á, báwo ló ṣe dá wọn lójú tó.

Nínú òfin, àdéhùn àti ìtọ́ni nípa oògùn, orúkọ ohun kan gbọ́dọ̀ wà bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí àdéhùn bá pe ẹnì kan ní «ayálégbé» lójú ìwé àkọ́kọ́, tó wá pè é ní «olùgbé» lójú ìwé kejì, agbẹjọ́rò lè béèrè bóyá ènìyàn méjì ni. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, olóòtú lè tún ètò gbólóhùn tò kó lè yéni, ṣùgbọ́n àtúnsọ àwọn orúkọ yẹn gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀, bó ti wù kó le tó létí.